Wíwó ògiri nínú ilé àtijọ́: kí ló dé tó fi léwu, báwo sì ni ẹnjiníà ṣe ń mọ èyí tó ṣeé wó?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, apá kan ilé alájà mẹ́fà tí àwọn èèyàn ń gbé wó lulẹ̀ nílùú Dáfẹ́npọ́ọ̀tù, ní ìpínlẹ̀ Áyówà lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èèyàn mẹ́ta ló kú. Ilẹ̀ ò mì lọ́jọ́ náà, ìjì ò jà, kò sì sí ohun tó bú gbàmù. Iṣẹ́ àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń yọ bíríkì tó ti bàjẹ́ lára ògiri ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Níbikíbi tí ilé tí wọ́n ń tún ṣe bá ti wó, tí fídíò rẹ̀ sì dé orí ayélujára, àríyànjiyàn kan náà ló ń bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ògiri tí kò bá gbé òrùlé kò já mọ́ nǹkan kan, kí èèyàn wó o. Àwọn mìíràn á ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ògiri ilé àtijọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnjiníà kì í bá ti ẹgbẹ́ kankan mu délẹ̀, nítorí ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀: ẹrù tó wà lórí ògiri yìí, ibo ló máa gbà dé ilẹ̀ nígbà tí ògiri ò bá sí níbẹ̀ mọ́?

## Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Dáfẹ́npọ́ọ̀tù gan-an?

Ọdún 1907 ni wọ́n kọ́ ilé náà. Ògiri ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tún ṣe, wà lára ohun tó ń gbé ilé ró. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí ó tó wó, ẹnjiníà kan lọ wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ibì kan lára bíríkì ìta ti yà kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn wọn, pé ó jọ pé wọn ò ní pẹ́ já. Àwọn ayálégbé ṣì wà nínú ilé. Ìwádìí tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn sọ pé olórí ohun tó fà á ni pé wọn ò fi òpó ti ògiri náà bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n ń yọ bíríkì rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi gba ògiri là ló wá di ohun tó wó o.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú ògiri kúrò pátápátá. Ara rẹ̀ ni wọ́n ń bó. Ṣùgbọ́n bíbó ara ògiri tó nípọn lè burú tó wíwó o. Ká mú ògiri kan tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí ẹrù ilé ń gba àárín rẹ̀ gan-an sọ̀kalẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 15 sí ojú méjèèjì. Bí a bá bó sẹ̀ǹtímítà 10 kúrò lójú ìta, 20 ló kù, àárín èyí tó kù sì ti sún wọ inú. Ẹrù kò sún ní tirẹ̀. Ó ṣì ń sọ̀kalẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, tó wá di sẹ̀ǹtímítà 5 péré sí etí ìta. Ògiri tí ẹrù rẹ̀ kò sí láàárín mọ́ á fẹ́ tẹ̀: ojú ìta á máa fún pọ̀, ojú inú á máa fẹ́ là. Bíríkì lágbára láti ru ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ kò lágbára rárá láti dènà ohun tó ń fà á ya. Nítorí náà, ògiri tó ti dín ní ìdá mẹ́ta ìnípọn rẹ̀ lè pàdánù ohun tó ju ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀ lọ dáadáa.

## Ògiri wo ló ń ru ẹrù, èwo ni kò rù ú?

Lójú ìwé, ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Ògiri tó ń ru ẹrù ni èyí tí òrùlé, ilẹ̀ yàrá òkè, tàbí ògiri mìíràn gbára lé. Ògiri ìpínyàrá ni èyí tí wọ́n kàn fi dá yàrá sí méjì, tí ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló ń rù. Nínú ilé tó jẹ́ tuntun tí àwòrán rẹ̀ sì wà nílẹ̀, ẹnjiníà lè fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tó jẹ́ èyí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ilé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, ìró ògiri máa ń tan èèyàn jẹ. Bírikìlà á fi ìka kan ògiri, á gbọ́ pé ó ń dún bí ohun tó ṣófo, á sì ní ìpínyàrá lásán ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé kan tí wọ́n kọ́ ní Yúróòpù láàárín ọdún 1700 sí 1900, wọ́n máa ń fi igi tó dúró àti igi tó dà gẹ̀rẹ́ ṣe egungun ògiri pákó, wọ́n á wá fi pílásítà bò ó. Ìró rẹ̀ ṣófo lóòótọ́, àmọ́ igi tó dà gẹ̀rẹ́ nínú rẹ̀ ló ń gbé ilẹ̀ yàrá òkè, nígbà mìíràn láìsí ògiri kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gé ọ̀kan nínú àwọn igi náà láti ṣí ẹnu ọ̀nà ti gé ohun tó ń gbé ilé.

Èkejì jẹ́ ohun tó ń ya àwọn onílé lẹ́nu gidigidi: ògiri ìpínyàrá lè di ògiri tó ń ru ẹrù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Igi tó gbé ilẹ̀ òkè ró máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá tẹ̀ dé orí ògiri ìpínyàrá tó wà nísàlẹ̀, yóò gbára lé e. Kò sẹ́ni tó ní kí ògiri náà gba ẹrù, kò sì sí ohun tó fi hàn lójú pé ó ti gbà á. Lẹ́yìn ọdún 50 tàbí 60, wíwó ìpínyàrá náà túmọ̀ sí pé igi òkè tó ti rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo ẹrù rẹ̀ rù.

Ẹ̀kẹta ni ògiri tí kò ru ilẹ̀ òkè kankan àmọ́ tó di ògiri mìíràn mú. Ògiri gígùn tó ga kì í fẹ́ dá dúró. Àwọn ògiri tó kàn án ní ìbú ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tì í wó. Ẹni tó bá yọ ògiri ìbú kan nítorí pé kò gbé nǹkan kan lórí lè ti sọ ògiri ìta tó jẹ́ mítà 4 láàárín ìdìmú méjì di mítà 8. Kò ní hàn lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ dára.

## Ṣebí wọ́n ti wó irú ògiri yìí nílé kejì, tí nǹkan kan ò sì ṣe?

Ìbéèrè yìí ló ń fa àríyànjiyàn jù, ó sì ní ìdáhùn. Bí èèyàn bá ṣí ihò sára ògiri bíríkì láìfi bíìmù, ìyẹn irin tàbí igi tó dábùú lórí ihò láti gbé ẹrù, sí i, bíríkì tó wà lórí ihò náà kì í já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrù á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́: bíríkì á máa ti ara wọn bí ẹnu ọ̀nà olóbìírí tí òkè rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, ẹrù á sì sọ̀kalẹ̀ sí apá ọ̀tún àti apá òsì ihò náà. Kìkì bíríkì tó wà nínú ìrísí onígun mẹ́ta lókè ihò ni kò rí nǹkan gbára lé dáadáa, ìyẹn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já.

Bí èèyàn mẹ́wàá bá jọ ru ìtì igi kan, tí ẹni méjì yẹ̀ kúrò láàárín, igi náà kò ní jábọ́. Ọrùn àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà ló máa mọ̀ ọ́n. Bí ogiri náà ṣe rí nìyẹn: pé kò tíì wó kò fi hàn pé ẹrù ti lọ, ó kàn fi hàn pé ibòmíràn ti gbà á.

Ìdúró bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan méjì. Ó nílò bíríkì tó pọ̀ tó lókè ihò láti ṣe òbìírí náà, ó sì nílò ògiri tó fẹ̀ tó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí òbìírí kì í tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ nìkan, ó ń tì í síta pẹ̀lú. Bí ihò bá súnmọ́ igun ilé, kò sí ohun tó máa gba títì síta náà dúró, igun ilé á sì máa yà lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè wó ògiri kan náà nínú ilé méjì tó jọra, tí ọ̀kan á dúró fún ọdún mẹ́wàá tí èkejì ò sì ní pé oṣù kan. Mọ́tà ẹfun tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ tún ń dá kún un. Ó rọ̀ ju ti sìmẹ́ńtì lọ, ó lè tẹ̀ díẹ̀ láìlà, nítorí náà ògiri á máa sún jẹ́ẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

## Báwo ni ẹnjiníà ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ògiri?

Òkè ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Á gun inú òrùlé lọ wo ibi tí àwọn igi gbé orí lé, lẹ́yìn náà á máa tẹ̀lé ẹrù sọ̀kalẹ̀ láti àjà kan sí òmíràn títí dé ìpìlẹ̀. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, á wo apá ibi tí igi ilẹ̀ òkè kọjú sí. Bí igi bá dábùú ògiri tó sì dúró lé e, ògiri náà ń ru ẹrù. Bí ó bá nà lọ ní apá kan náà pẹ̀lú ògiri, ó ṣeé ṣe kó má rù ú, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì tó láti fi dájọ́. Á tún wò ó bóyá ògiri kan wà lókè tó gún régé pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti òkè kì í gún pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà sì máa ń wà, nítorí ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan tí a kò rí ló ń gbé ti òkè.

Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí i wò. Àwòrán ilé dára bó bá wà, àmọ́ ẹnjiníà tó bá mọ ilé àtijọ́ dáadáa kì í gba àwòrán gbọ́ títí yóò fi fojú ara rẹ̀ rí i, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí ti dí fèrèsé, kí wọ́n ti la ilẹ̀kùn, tàbí kí wọ́n ti yọ ibi ìdáná kúrò nísàlẹ̀ kí wọ́n sì fi ti òkè sílẹ̀. Wọ́n á ṣí pákó ilẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á ha pílásítà kúrò ní ibi mélòó kan, wọ́n á lu ihò kékeré sára ògiri láti mọ bí ó ti nípọn tó àti bóyá inú rẹ̀ le tàbí ó kún fún àlòkù òkúta. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti rí ìpìlẹ̀. Bí ògiri bá ti là tẹ́lẹ̀, wọ́n lè fi ohun èlò ìwọ̀n sí ojú ibi tó là, kí wọ́n máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń sún. Ìlà tó ti dúró fún ogún ọdún àti èyí tó ń fẹ̀ sí i kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ojú lásán ò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

## Kí ni ìṣirò náà ń sọ?

Ká ṣe àpẹẹrẹ kan. Ilé bíríkì àtijọ́ alájà méjì, ìsàlẹ̀ àti òkè kan. Onílé fẹ́ ṣí àlàfo mítà 3 sára ògiri tó wà láàárín yàrá méjì nísàlẹ̀. Ògiri náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 23. Ògiri mìíràn tó ga tó mítà 2.7 dúró lórí rẹ̀ ní òkè. Igi ilẹ̀ òkè àti ti òrùlé gbé orí lé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, gígùn igi kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mítà 4.

Ogiri òkè, pẹ̀lú pílásítà rẹ̀, á wúwo tó nǹkan bíi kìlò 1,300 lórí mítà kan. Ìdajì ilẹ̀ òkè láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èèyàn àti ẹrù inú yàrá, á fi nǹkan bíi 900 kún un. Òrùlé àti àjà á fi 600 kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlò 2,800 lórí mítà kan, ìyẹn 8,400 lórí àlàfo mítà 3. Bí a bá fi bíìmù irin gbé e, ẹnu bíìmù kọ̀ọ̀kan á gba 4,200.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí iṣẹ́ parí sí nìyẹn: wá bíìmù tó lè gbé kìlò 8,400. Bíìmù kì í ṣòro wá. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ jù lóòótọ́, nítorí ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni gígùn tí a pín sí 360, tó jẹ́ mìlímítà 8 péré lórí mítà 3, àwọn mìíràn sì ń béèrè ohun tó kéré sí i bí bíríkì àtijọ́ bá wà lórí rẹ̀. Ìṣòro gidi wà ní ẹnu bíìmù náà. Kí wọ́n tó wó ògiri, kìlò 2,800 yẹn tẹ́ sórí mítà kan odidi, tó fi jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ń ru kìlò 1.2. Bí ẹnu bíìmù bá wọ ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 15, ojú ibi tó jókòó lé jẹ́ 15 lọ́nà 23, ìyẹn 345. Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan á wá máa ru kìlò 12, ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí ó ń rù tẹ́lẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà sábà máa ń gbà fún bíríkì àtijọ́ tó rọ̀ tí wọ́n fi mọ́tà ẹfun tò jẹ́ nǹkan bíi kìlò 4.2. Bíìmù náà lè má ṣe nǹkan kan, kí bíríkì abẹ́ rẹ̀ máa rún.

Nítorí náà ni wọ́n fi ń fi búlọ́ọ̀kù kọnkéré tó le ṣe ìtìsẹ̀ sábẹ́ ẹnu bíìmù, kí ẹrù lè tẹ́. A pín 4,200 sí 4.2, a rí 1,000. A pín ìyẹn sí 23 tó jẹ́ ìnípọn ògiri, a rí nǹkan bíi 44. Ìtìsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45 ó kéré tán. Ká wá ní ògiri tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kan àlàfo náà kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ ńkọ́? Kò sí ibi tí ìtìsẹ̀ yóò jókòó sí. Níbẹ̀ ni ẹnjiníà á ti ní kí wọ́n fi òpó irin gbé e lọ sílẹ̀, òpó náà sì máa nílò ìpìlẹ̀ tirẹ̀, nítorí ìpìlẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ṣe láti gba ẹrù tó tẹ́, kì í ṣe èyí tó dé ojú kan ṣoṣo.

## Kí ló gbọ́dọ̀ dúró kí òòlù tó kan ògiri?

Ìgbà tó léwu jù ni láàárín ìgbà tí ògiri àtijọ́ ti lọ àti ìgbà tí bíìmù tuntun kò tíì gba ẹrù. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n á kọ́kọ́ lu ihò mẹ́ta sára ògiri òkè, kí wọ́n máà jìn síra ju mítà kan lọ. Wọ́n á ki irin ìdábùú gba inú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi òpó irin àfitì gbé e ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Irin kọ̀ọ̀kan á ru nǹkan bíi kìlò 1,900 ti ògiri òkè àti òrùlé. Igi ilẹ̀ òkè á ní ìlà òpó tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ibí yìí ni wọ́n sábà ń gbàgbé: wọ́n á ti ògiri, wọn ò ní ti ilẹ̀ òkè.

Òpó àfitì náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń fà á gùn tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó. Bó bá dúró lórí pákó ilẹ̀ tó ní yàrá mìíràn lábẹ́, ẹrù ti dé ibi tí kò yẹ kó dé, wọ́n sì ní láti ti abẹ́ yẹn náà títí yóò fi kan ilẹ̀ líle. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé bíìmù wọlé, wọ́n á fi mọ́tà tó gbẹ díẹ̀ há àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti bíríkì, kí ó há típẹ́típẹ́, wọ́n á sì dúró kó le kí wọ́n tó dẹ òpó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo mìlímítà 5 bá kù níbẹ̀, mìlímítà 5 ni ilé máa sọ̀ kó tó rí bíìmù gbára lé, ìyẹn sì tó láti la gbogbo ògiri òkè.

## Ṣé ilé àtijọ́ nìkan ni?

Rárá. Ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 1968, gáàsì bú gbàmù ní àjà 18 nínú ilé alájà 22 kan tó ń jẹ́ Rónáànù Pọ́ìntì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti àwọn ògiri tó ń ru ẹrù síta, igun ilé náà sì wó láti òkè délẹ̀. Èèyàn mẹ́rin kú. Ilé náà kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Bìrìtìkó ṣòfin ní 1970 pé ilé alájà márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìpàdánù apá kan kò ní mú gbogbo rẹ̀ wó. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú irú òfin bẹ́ẹ̀ lè ní ọ̀nà ẹrù kejì, ó sì lè má ní i. Kò sẹ́ni tó ṣírò rẹ̀ fún un.

## Ibo ni èrò àwọn ẹnjiníà fúnra wọn ti yàtọ̀?

Wọn ò jiyàn lórí bóyá kí wọ́n fi òpó ti ilé. Lórí òbìírí bíríkì ni wọ́n ti ń yapa. Àwọn kan gbà pé ìrísí onígun mẹ́ta tó wà lókè àlàfo nìkan ni bíìmù nílò láti gbé, nítorí ìyókù á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Bíìmù á kéré, owó á dín kù. Àwọn mìíràn ní bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé kan bá wà lókè, tàbí bí ẹlòmíràn bá wá ṣí àlàfo kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i, òbìírí náà ti lọ, bíìmù kékeré á sì wà lábẹ́ ẹrù tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí a ṣe lókè yìí, odidi ẹrù ni a kà. Èrò tèmi ni pé nínú ilé tí ìtàn rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló bọ́gbọ́n mu.

Wọ́n tún ń jiyàn lórí bóyá bíìmù kan ṣoṣo tó, tàbí kí wọ́n fi òpó méjì kún un kí ó di férémù. Ìdáhùn náà máa ń dá lé ohun tí ògiri tó ń lọ náà ń ṣe fún ilé lójú afẹ́fẹ́. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń dí ilé lọ́wọ́ àtiyẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bíìmù lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

## Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ilé ti fẹ́ lọ?

Bíríkì máa ń sọ̀rọ̀ kó tó wó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìlà tuntun tó dà gẹ̀rẹ́ láti igun fèrèsé tàbí àlàfo, pàápàá èyí tó fẹ̀ ju ti àná lọ. Ilẹ̀kùn òkè tó ń tì dáadáa lánàá tí kò tì mọ́ lónìí. Eruku mọ́tà tó ń ṣẹ́ wálẹ̀ láìsí ẹni tó ń lù ú. Òpó àfitì tó ti tẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ inú ilẹ̀. Ògiri tó wú síta. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọjú nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, àwọn òṣìṣẹ́ àti gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, títí dé òkè pátápátá, ló gbọ́dọ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan òpó mìíràn. Ẹni tó bá wọlé lọ fi òpó kún òpó lábẹ́ ògiri tó ń sún ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá dé ilẹ̀.